Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nípa òfò iná nínú tiransifọ́mà

Owó tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ra tiransifọ́mà tó ń sọ iná kalẹ̀ ń fi ṣòfò ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan yẹ̀ wò: 100 kVA, láti 11,000 fóòtì sí 415. Ká ní òfò irin rẹ̀, ìyẹn iná tí irin àárín rẹ̀ ń jẹ, jẹ́ 300 wáàtì, tí òfò bàbà, ìyẹn iná tí wáyà tí wọ́n wé mọ́ irin náà ń jẹ, sì jẹ́ 1,700 lórí ẹrù kíkún.

1. Ẹ má rò pé ìdajì ẹrù ló ń fa ìdajì òfò. Níwọ̀n ìgbà tí iná bá ti wà lára rẹ̀, irin inú rẹ̀ á máa jẹ 300 wáàtì tirẹ̀, ẹ lò ó o, ẹ ò lò ó o. Láàárín wákàtí 24, ìyẹn ti di kilowáàtì-wákàtí 7.2. Ti bàbà yàtọ̀: bí áńpù bá dín sí ìdajì, òfò bàbà á kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin, ìyẹn 425. Àpapọ̀ òfò wá jẹ́ 725 wáàtì, kì í ṣe 1,000.

2. Ẹ má rò pé orí ẹrù kíkún ló ti ń ṣe dáadáa jù. Tó bá jẹ́ ẹrù tí kilowáàtì àti kVA rẹ̀ dọ́gba, iná tó ń jáde lórí ẹrù kíkún jẹ́ 98.04% èyí tó wọlé. Lórí ìdajì, 98.57%. Ibi tí òfò bàbà bá ti bá òfò irin dọ́gba ló ti dára jù:

√(300 ÷ 1,700) = 0.42

Ìyẹn nǹkan bíi 42% ẹrù. Ṣùgbọ́n ẹ má torí ìyẹn lọ ra gàgàrà fún iṣẹ́ kékeré! Lórí 10% ẹrù, ó já sí 96.9%, lórí 5%, 94.3%.

3. Ẹ má fi kilowáàtì ṣe kVA: fóòtì àti áńpù ló ń bí kVA, kilowáàtì sì ni iná tó ń ṣiṣẹ́ gan-an, kì í sì í ju kVA lọ.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni kí èèyàn so mítà mọ́ ẹnu méjèèjì, kó yọ iná tó jáde kúrò nínú èyí tó wọlé, kó ní òun ti mọ òfò. Lórí kilowáàtì 50, bí mítà kọ̀ọ̀kan bá ṣì í ní 0.5% péré, àṣìṣe méjèèjì lè tó 500 wáàtì. Òfò tí ẹ sì ń wá ò ju 725 lọ! Mítà náà lè sọ pé tiransifọ́mà ò jẹ ju nǹkan bíi 225 wáàtì lọ, ó sì lè ní ó jẹ tó 1,225.

Ẹ wọn òfò kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Fún ti irin, ẹ fún ẹnu kékeré ní 415 fóòtì, kí ẹnu ńlá ṣí sílẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má sún mọ́ ọn, torí 11,000 fóòtì ń bẹ níbẹ̀. Fún ti bàbà, ẹ so àwọn ẹnu kékeré pọ̀ mọ́ra wọn, kẹ́ ẹ wá rọra gbé fóòtì sókè lẹ́nu ńlá láti òdo títí áńpù ibẹ̀ á fi pé 5.25. Tí ohun tí tiransifọ́mà fi ń dènà iná bá jẹ́ 4%, nǹkan bíi 440 fóòtì ti tó. Ẹni tó bá fún un ní 11,000 níbẹ̀ á jó o. Bí ẹ̀rọ yín ò bá lè gbé ju ìdajì áńpù náà lọ, ẹ fi mẹ́rin sọ wáàtì tẹ́ ẹ kà di púpọ̀, ẹ má fi méjì.