Bí mo ṣe pín 200 àpò ìrẹsì sí ìlú mẹ́ta kí owó ọkọ̀ má baà pọ̀ jù

Ọ̀gá tí mo ń bá ṣírò owó ní ìrẹsì nílẹ̀ ní ìlú mẹ́ta: 70 àpò ní Ìbàdàn, 50 ní Abẹ́òkúta, 80 ní Òṣogbo. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń retí 60 ní Ìlọrin, 90 ní Ṣàgámù àti 50 ní Àkúrẹ́. Ohun tó wà nílẹ̀ àti ohun tí wọ́n ń retí jẹ́ 200 lápá méjèèjì, nítorí náà ìṣirò náà dọ́gba. Iye tí àwọn awakọ̀ ń gbà lórí àpò kan nìyí, ní náírà:

| | Ìlọrin | Ṣàgámù | Àkúrẹ́ |
|---|---|---|---|
| Ìbàdàn | 600 | 400 | 800 |
| Abẹ́òkúta | 900 | 300 | 1000 |
| Òṣogbo | 400 | 700 | 450 |

Mo kọ́kọ́ lo ọ̀nà igun àríwá-ìwọ̀-oòrùn. Àpótí òkè pátápátá lọ́wọ́ òsì ni èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Á kó gbogbo ohun tó bá gbà sínú rẹ̀, á sì máa sún sí ọ̀tún tàbí sí ìsàlẹ̀ bí òpó tàbí ìlà bá ti parí. Ìbàdàn kó 60 lọ sí Ìlọrin, ó kó 10 tó kù lọ sí Ṣàgámù. Abẹ́òkúta kó 50 rẹ̀ lọ sí Ṣàgámù. Òṣogbo kó 30 lọ síbẹ̀, ó sì kó 50 lọ sí Àkúrẹ́. Owó rẹ̀ jẹ́ ₦98,500. Ọ̀nà yìí yá, ṣùgbọ́n kò wo owó ọkọ̀ rárá.

Lẹ́yìn náà ni mo lo ọ̀nà owó tó kéré jù, tó jẹ́ pé ibi tó bá pọ́ọ́kú jù lọ ni wọ́n ń kọ́kọ́ kún. Abẹ́òkúta sí Ṣàgámù, ₦300, gba 50. Àpótí méjì ló tẹ̀ lé e ní ₦400: Ìbàdàn sí Ṣàgámù gba 40, Òṣogbo sí Ìlọrin gba 60. Òṣogbo wá kó 20 tó kù sí i lọ́wọ́ lọ sí Àkúrẹ́ ní ₦450. Ìbàdàn ṣì ní 30, Àkúrẹ́ nìkan ló sì kù tó ń retí ẹrù, ní ₦800. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦88,000.

Ó dín ní ₦10,500, ọ̀pọ̀ èèyàn ì bá sì dúró síbẹ̀. Èmi ò dúró, torí ₦800 ìkẹyìn yẹn ń kọ mí lóminú.

Kí àyẹ̀wò bóyá owó ṣì lè dín kù tó ṣeé ṣe, àpótí tó ní ẹrù gbọ́dọ̀ jẹ́ iye ìlà pẹ̀lú iye òpó, ká yọ 1 kúrò: 3 + 3 − 1 = 5. Mo ka tèmi, wọ́n pé. Ká ní ìlà kan àti òpó kan parí lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kì bá tó 5; ńṣe ni èèyàn á fi 0 sí àpótí òfìfo kan, kó sì kà á mọ́ àwọn tó ní ẹrù.

Mo fún ìlà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà `u`, mo fún òpó kọ̀ọ̀kan ní `v`, lọ́nà tí `u + v` yóò fi bá owó ọkọ̀ mu nínú gbogbo àpótí tó ní ẹrù. Mo fi 0 fún Ìbàdàn. Ṣàgámù di 400, Àkúrẹ́ di 800. Láti Àkúrẹ́, Òṣogbo di −350. Láti Òṣogbo, Ìlọrin di 750. Abẹ́òkúta di −100. Nínú àpótí òfìfo kọ̀ọ̀kan, mo yọ `u + v` kúrò nínú owó ọkọ̀. Abẹ́òkúta sí Ìlọrin fún mi ní 250, Abẹ́òkúta sí Àkúrẹ́ 300, Òṣogbo sí Ṣàgámù 650. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn sí Ìlọrin: 600 − 750 = −150. Àpò kọ̀ọ̀kan tí mo bá gbé síbẹ̀ yóò dín owó kù ní ₦150.

Ìdí rẹ̀ hàn gbangba lórí àtẹ. Bí Òṣogbo bá fi Ìlọrin sílẹ̀ fún Ìbàdàn, ₦200 péré ló máa lé lórí àpò kan. Bó bá fi Àkúrẹ́ sílẹ̀, ₦350 ni. ₦400 Òṣogbo sí Ìlọrin tó dà bí ọ̀pọ́ yẹn ló sọ Ìbàdàn sí ọ̀nà Àkúrẹ́.

Mo wá yí ẹrù ká àpótí mẹ́rin: mo fi kún Ìbàdàn sí Ìlọrin, mo yọ nínú Ìbàdàn sí Àkúrẹ́, mo fi kún Òṣogbo sí Àkúrẹ́, mo yọ nínú Òṣogbo sí Ìlọrin. 30 ló kéré jù nínú àwọn tí mo ń yọ, torí náà 30 ni mo gbé. Owó bọ́ sí ₦83,500. Nígbà tí mo tún àyẹ̀wò náà ṣe, òfìfo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún mi ní 150, 400, 450 àti 500. Kò sí èyí tó wà lábẹ́ òdo mọ́.

Mo tún dán ti igun àríwá-ìwọ̀-oòrùn wò. Òṣogbo sí Ìlọrin ló fún mi ní −500 níbẹ̀, mo gbé 30, mo sì dé orí ₦83,500 kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èyí tó wọ́n jù níbẹ̀rẹ̀ kò pẹ́ ju èkejì lọ.

Mo fi ìpín náà lé ọ̀gá lọ́wọ́, mo sì fi 150 tó kéré jù yẹn hàn án: bí awakọ̀ Ìbàdàn sí Àkúrẹ́ bá gbà láti gba ohun tí kò tó ₦650, nígbà tí owó yòókù kò yí padà, kó pè mí kí n tún un ṣírò.