Fáìlì ńlá tí kò fẹ́ lọ: bí a ṣe ń fún un pọ̀, àti ìgbà tó yẹ ká rán an

Mo síkáànì ìwé olójú-ewé 40 kan, PDF rẹ̀ sì jẹ́ 48 MB. Mo so ó mọ́ ímeèlì, ó ń yí, ó ń yí, nígbà tó yá ó kọ̀. Ẹjọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ́.

Àkáǹtì Gmail ti ara ẹni kì í jẹ́ kí ímeèlì tá a fẹ́ rán ju 25 MB lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ímeèlì máa ń sọ fáìlì di lẹ́tà kó tó gbé e, báìtì 3 á sì di 4. Fáìlì 20 MB á wú tó nǹkan bí 27 MB lójú ọ̀nà. Èmi kì í so ohun tó bá ju 18 MB.

Kọ́kọ́ wo irú fáìlì tó o ní. Zip dára fún ọ̀rọ̀ lásán, bíi .txt tàbí .csv. Àmọ́ fọ́tò JPEG àti fídíò MP4 ti wà ní fífúnpọ̀ tẹ́lẹ̀. PDF tèmi náà, fọ́tò ló kún inú rẹ̀: mo fi zip dì í, 47 MB ló jáde. Bó o bá rí irú èyí, fi zip sílẹ̀, kó o dín àwòrán inú rẹ̀ kù. Bí Ghostscript, ètò kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí PDF, bá wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ, ṣí ojú ìwé àṣẹ (terminal), kó o tẹ èyí:

```
gs -sDEVICE=pdfwrite -dPDFSETTINGS=/ebook -o kekere.pdf nla.pdf
```

`/ebook` á dín àwòrán kù sí 150 dpi, ìyẹn àmì 150 nínú ínǹṣì kan. 300 ni mo fi síkáànì. Ìdajì ní gígùn, ìdajì ní fífẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin ló kù. Tèmi di 11 MB, ó sì lọ. Ṣí i kó o tó rán an, kó o sún un sí 200%, kó o wo òǹtẹ̀ àti àwọn lẹ́tà wínníwínní. Má pa ògidì rẹ̀ rẹ́ o.

Fọ́ldà fọ́tò 600 MB kò ṣeé fi ímeèlì rán. Ibi ìpamọ́ orí ayélujára ló ń lọ, àkókò sì ni ọ̀rọ̀ tibẹ̀. Yẹ ìyára íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ wò, kó o wo nọ́ńbà Upload, kì í ṣe Download táwọn èèyàn fi ń yangàn. Mẹ́gábíìtì tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni Mbps ń kà, bíìtì 8 ló sì wà nínú báìtì kan, nítorí náà 600 MB jẹ́ mẹ́gábíìtì 4,800. Ní aago mẹ́jọ alẹ́, tí gbogbo àdúgbò wà lórí ìlà, mo rí 0.8 Mbps: 100 ìṣẹ́jú. Ní aago márùn-ún ìdájí, mo rí 4: 20 ìṣẹ́jú péré.

Bí nọ́ńbà alẹ́ àti ti ìdájí tìẹ bá bára mu, èrò kọ́ ló dí ọ̀nà. Sún mọ́ Wi-Fi, tàbí kó o lo wáyà. Wo fóònù rẹ náà, bóyá òun ló ń dá gbé fọ́tò sókè lẹ́yìn rẹ. Dá a dúró ná. Kó o tó lọ sùn, má ṣe jẹ́ kí kọ̀ǹpútà sùn pẹ̀lú rẹ: bó bá ti sùn, ohun tó ń gbé á dúró síbi tó bá a.