Ẹ wo orúkọ yín lórí Wasáàpù kí ẹ tó kí ará ọ́fíìsì

Ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó sọ̀rọ̀ nínú gúrúpù Wasáàpù ibi iṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ tí ẹ fi síbẹ̀. Ẹni tí kò tíì tọ́jú nọ́ńbà yín, orúkọ yẹn ló máa rí. Tó bá jẹ́ "Ọmọ Ọba" lẹ kọ, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ wá yín rí?

Ẹ má fi "Ẹ káàárọ̀ o" nìkan ránṣẹ́ kí ẹ wá dákẹ́. Gbogbo wọn á máa dáhùn ìkíni, ọ̀rọ̀ gidi á sì sọnù sáàárín rẹ̀. Ẹ kó o pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, báyìí:

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Bùkọ́lá lorúkọ mi. Èmi ni mo gba ìṣirò owó àwọn oníbàárà láti òní lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi rìsíìtì ránṣẹ́ sí mi kó tó di aago mẹ́rin. Ẹ ṣé o."

Gbólóhùn rìsíìtì yẹn ni mo fẹ́ràn jù, torí òun ni wọ́n á fi rántí yín. Àmọ́ ẹ bi ọ̀gá yín kí ẹ tó kọ aago síbẹ̀.