Bí mo ṣe wá àṣẹ orin fún fídíò àdìrẹ

Ìyá aládìrẹ kan ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, ní kí n bá àwọn ṣe fídíò ìpolówó. Orin jùjú àtijọ́ kan ni wọ́n fẹ́ kó máa dún lábẹ́ rẹ̀. Áàpù tó ń báni kọ̀wé ni mo fi to ọ̀rọ̀ inú fídíò náà, ó sì tò ó dáadáa. Ó wá fi gbólóhùn kan sísàlẹ̀ pé a ò gbèrò láti tẹ ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni lójú. Mo pa á rẹ́. Ọ̀rọ̀ lásán nìyẹn, kì í ṣe àṣẹ.

Mo yí páálí rẹ́kọ́ọ̀dù náà sẹ́yìn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì ℗ ni mo ti rí 1982 àti orúkọ ilé-iṣẹ́ tó gbé e jáde: àwọn ló ni ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ yẹn. Orin fúnra rẹ̀, bí olórin ṣe ṣẹ̀dá rẹ̀, ẹ̀tọ́ ọ̀tọ̀ ni. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti 2022, ti ohùn rẹ́kọ́ọ̀dù ń lo 50 ọdún lẹ́yìn tó bá jáde. Ti ẹni tó ṣẹ̀dá orin ń lo 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Kò tíì sí èyí tó tán nínú méjèèjì.

Ọmọ olóògbé olórin náà ní, "Ẹ máa lò ó jàre, ẹ ò jẹ wá ní gbèsè kankan." Inú mi dùn, àmọ́ ìpín tiwọn nìkan ló lè sọ̀rọ̀ lé, òun nìkan kọ́ sì ni bàbá wọn bí. Áàpù bá mi kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù. Lẹ́tà náà dùn ún kà. Wọn ò fèsì, mi ò sì lè ka ìdákẹ́ sí "bẹ́ẹ̀ ni."

Mo bá onígángan kan sọ̀rọ̀. Mo ní kó má fi ìlù rẹ̀ tẹ̀lé orin yẹn rárá, torí bí a bá tún un lù, a bọ́ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ni, a ò bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀. Ìlù tara rẹ̀ ló lù. A kọ ọ́ sílẹ̀ pé fún ìpolówó ni, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, láìní gbèdéke. Ó gba owó rẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i.

Fídíò kúkúrú kan tún wà tí ẹnì kan ti ń rẹ aṣọ sínú aró. Àṣẹ Creative Commons tí wọ́n ń pè ní CC BY ni ẹni tó yà á fi sílẹ̀, tó túmọ̀ sí pé bí mo bá ti dárúkọ rẹ̀, tí mo tọ́ka sí àṣẹ náà, tí mo sì sọ ohun tí mo yí padà, mo lè lò ó. Ká ní NC, ìyẹn pé ká má fi ṣòwò, wà lára rẹ̀ ni, ìpolówó ò ní lè fọwọ́ kàn án. Mo fi gbohùngbohùn etí gbọ́ ọ: rédíò ń kọrin níbi ìkòkò aró! Ẹni tó ya fídíò kò ni orin inú rédíò, kò sì lè fi í fún mi. Mo pa ohùn rẹ̀, mo fi gángan bò ó.

Mo gbé e sórí YouTube ní Private, mo dúró de ojú ewé Checks, níbi tí ẹ̀rọ wọn ti ń wò bóyá ohun tí ẹlòmíràn ní ẹ̀tọ́ sí wà nínú fídíò. Kò rí nǹkan kan. Ohun tí ẹ̀rọ yẹn ò mọ̀ kò lè rí, nítorí náà mo fi ìwé onígángan ránṣẹ́ sí ìyá aládìrẹ pẹ̀lú fídíò náà.