Bí mo ṣe lé ìkìlọ̀ èké kúrò lórí fóònù Android kan

Nígbà tí fóònù náà dé ọwọ́ mi, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì ń gbọ̀n. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni «Your phone is infected with 13 viruses!». Aago kan ń ka ìṣẹ́jú 2 wálẹ̀ sí òdo, nọ́ńbà tí wọ́n ní kí a pè sì wà nísàlẹ̀. Ẹni tó ni ín ti pe nọ́ńbà náà. Kò tíì sanwó, ṣùgbọ́n wọ́n ti ní kó gba áàpù kan sórí fóònù, ó sì ti gbà á.

Áàpù yẹn ló jẹ mí lógún ju ìkìlọ̀ lọ, torí náà mo kọ́kọ́ tan «Airplane mode», mo sì rí i pé Wi-Fi náà kú. Áàpù tí wọ́n fi ń wo fóònù láti òkèèrè kò wúlò fún wọn bí kò bá sí íńtánẹ́ẹ̀tì. Irú bí AnyDesk tàbí TeamViewer ni wọ́n sábà máa ń ní kí èèyàn gbà. Irinṣẹ́ gidi ni àwọn wọ̀nyí, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tòótọ́ ń lò wọ́n, ìdí rẹ̀ nìyí tí ayẹ̀wò kòkòrò kì í fi bá wọn wí. Ewu ibẹ̀ ni pé ẹni tó wà lọ́hùn-ún lè rí ọ̀pọ̀ ohun tó bá hàn lójú fóònù, títí kan kóòdù tí báńkì fi ránṣẹ́. Bí a bá tún gbà á láyè nínú «Accessibility», ó lè máa tẹ fóònù bíi pé ọwọ́ rẹ̀ wà lórí rẹ̀.

Mo wọ «Settings», mo wá «Accessibility», mo sì pa àyè tí áàpù náà gbà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà mo wo «Device admin apps», nítorí áàpù tó bá wà nínú àkójọ yẹn kì í gbà kí a yọ òun. Bọ́tìnì «Uninstall» rẹ̀ á ṣú, kò ní ṣeé tẹ̀. Èyí kò sí níbẹ̀, mo bá yọ ọ́ kíá. Fóònù mìíràn ni a fi pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù, ti ímeèlì ni a sì kọ́kọ́ pààrọ̀, torí pé inú ímeèlì ni gbogbo àwọn yòókù ti máa ń gba ọ̀nà àtúnṣe wọn. A pe báńkì pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì, kì í ṣe èyí tí a wá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, nítorí àwọn oníjìbìtì náà máa ń fi nọ́ńbà tiwọn síbẹ̀.

Ó wá kan ìkìlọ̀ fúnra rẹ̀. Ojú-ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì kò lè yẹ inú fóònù wò. Bùráúsà ti há a mọ́ yàrá tirẹ̀, kò rí fáìlì tàbí áàpù tó wà lóde yàrá náà. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kéékèèké kan wà tí bùráúsà máa ń jẹ́ kó mọ̀: pé Android ni fóònù náà, ibi tí àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tọ́ka sí, àti, nínú Chrome, iye bátìrì tó kù. Chrome tún máa ń gbà kí ojú-ìwé mú fóònù gbọ̀n lẹ́yìn tí èèyàn bá ti fọwọ́ kàn án. Nítorí náà, nígbà tí ìkìlọ̀ náà ní bátìrì ti kù sí 34% nítorí pé kòkòrò ń jẹ ẹ́, 34% yẹn jóòótọ́, ìyókù rẹ̀ ni irọ́. Òótọ́ kékeré yẹn ni wọ́n fi ń mú èèyàn.

Mi ò tẹ àmì X tó wà lórí rẹ̀. Àwòrán lásán ni, ibi tó bá wu ẹni tó yà á ló lè mú èèyàn lọ. Bọ́tìnì ìpadàsẹ́yìn náà kò ràn wá lọ́wọ́, torí pé ojú-ìwé náà ti to ara rẹ̀ léra sínú ìtàn bùráúsà. Bí a bá ṣe ń padà sẹ́yìn, òun náà la tún ń bá. Ohun tí mo ṣe ni pé mo lọ sí «Settings», «Apps», «Chrome», mo tẹ «Force stop». Mo wá ṣí Chrome padà nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣì wà ní pípa. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣì í ṣe: Chrome máa ń rántí ojú-ìwé tó ṣí kẹ́yìn, bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá wà, á tún gbé e wá. Bí kò bá sí, ojú-ìwé òfìfo ni yóò yọ, a ó sì ráyè tẹ àpótí kékeré tó ń ka iye ojú-ìwé tó ṣí, kí a pa gbogbo wọn.

Mo dá íńtánẹ́ẹ̀tì padà. Kò pé ìṣẹ́jú 10 tí ìkìlọ̀ mìíràn fi yọ lókè fóònù, bẹ́ẹ̀ Chrome kò sí ní ṣíṣí. Mo ti ń retí rẹ̀. Mo fa òkè ojú fóònù wálẹ̀: àmì Chrome wà lára ìkìlọ̀ náà, orúkọ ìkànnì kan tí a ò mọ̀ rí sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìtumọ̀ èyí ni pé nígbà kan, ìkànnì náà ti ní kí ẹni tó ni fóònù tẹ «Allow» láti fi hàn pé òun kì í ṣe ẹ̀rọ, ó sì ti tẹ̀ ẹ́. Àṣẹ tó fún wọn nìyẹn láti máa fi ìkéde ránṣẹ́ nígbàkígbà.

Ẹni tó ni fóònù ti fi Play Protect, ayẹ̀wò kòkòrò ti Google, yẹ fóònù wò lẹ́ẹ̀mejì, kò rí nǹkan kan. Kò lè rí i, torí pé kò sí áàpù burúkú kankan, àṣẹ lásán ló wà níbẹ̀. Ó ti pa ìtàn bùráúsà rẹ́ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n àṣẹ yìí kì í bá ìtàn lọ, àyàfi bí a bá mú «Site settings» náà nígbà tí a ń pa á rẹ́. Ọ̀pọ̀ á dé ibí yìí kí wọ́n tó pa gbogbo ohun tó wà lórí fóònù rẹ́ láìnídìí.

Nínú Chrome, mo tẹ àmì kékeré mẹ́ta tó tò léra, «Settings», «Site settings», «Notifications». Ìkànnì 3 ló wà lábẹ́ àwọn tó ní àṣẹ, ọ̀kan nínú wọn sì ni èyí tí mo rí lókè. Mo wọ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo dínà ìkéde rẹ̀. Mo fẹ́ràn kí n dínà ju kí n pa á rẹ́ lọ, nítorí ìkànnì tí a bá pa àṣẹ rẹ̀ rẹ́ lè tún padà wá bẹ̀bẹ̀, èyí tí a dínà kò lè bèèrè mọ́. Mo tún wo «Pop-ups and redirects», mo rí i pé ó wà ní pípa.

Ká ní orí ojúde fóònù ni ìkìlọ̀ náà ń yọ sí, láìsí àmì bùráúsà lára rẹ̀, áàpù kan ni ì bá jẹ́. «Display over other apps» ni ǹ bá kọ́kọ́ wò, mà á sì wá áàpù tí kò ní ìdí láti wà níbẹ̀, bí iná tọ́ọ̀ṣì tàbí áàpù tó ń ka kóòdù QR.

Kí n tó dá fóònù padà, mo tan «Notification history», tó wà lórí Android 11 sókè. Kì í ṣàkọsílẹ̀ ohun tó wá kí a tó tàn án, ìdí nìyẹn tí mi ò fi dúró kí ìkìlọ̀ mìíràn tó wọlé. Lẹ́yìn wákàtí 24 a ṣí i: ìkéde ímeèlì àti ti ìpè ló wà níbẹ̀, kò sí ti Chrome kankan.