Kóòdù Orílẹ̀-Èdè Lórí Fọ́ọ̀mù Ẹrù: Lẹ́tà Méjì, Lẹ́tà Mẹ́ta àti Nọ́ńbà

Ìwé ìtọ́sọ́nà yìí wà fún àgbẹ̀ tó ń fi irè oko ránṣẹ́ sí òkè òkun, fún ẹbí tó ń di ẹrù ránṣẹ́, àti fún ẹni tó ń bá wọn tọ́jú àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà.

Ìlànà tí wọ́n ń pè ní ISO 3166-1 fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní kóòdù mẹ́ta. Ọ̀kan jẹ́ lẹ́tà méjì, èkejì jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta, ẹ̀kẹta sì jẹ́ nọ́ńbà oní-díjíìtì mẹ́ta. Ọsirélíà ni AU, AUS àti 036. Ọ́sítríà ni AT, AUT àti 040. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló tọ̀nà. Ohun tó máa ń dá wàhálà sílẹ̀ ni kí èèyàn fi ọ̀kan sí àyè èkejì, tàbí kó fi ojú inú yọ ọ̀kan lára èkejì.

Lórí fọ́ọ̀mù ilé ìfìwéránṣẹ́ àti ti kọ́sítọ́ọ̀mù, lẹ́tà méjì ni wọ́n sábà máa ń béèrè. Lẹ́tà mẹ́ta wọ́pọ̀ nínú ìwé ìrìnnà. Nọ́ńbà wọ́pọ̀ nínú fáìlì ìṣirò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ ka iye àyè tó wà nínú àpótí náà, kí ẹ sì wò ó bóyá orílẹ̀-èdè tí ẹrù ń lọ ni wọ́n ń béèrè tàbí ibi tí wọ́n ti ṣe ọjà náà. Àpótí méjèèjì máa ń wà lórí fọ́ọ̀mù kan náà, kóòdù wọn sì lè yàtọ̀ síra.

Ohun méjì kan wà lórí fọ́ọ̀mù yẹn tó máa ń tan ojú jẹ. Nọ́ńbà tí a fi ń tọpa ẹrù ilé ìfìwéránṣẹ́ máa ń ní lẹ́tà méjì ní ìparí, bíi RR123456785AT. AT yẹn ń sọ pé ilé ìfìwéránṣẹ́ Ọ́sítríà ló fún ẹrù náà ní nọ́ńbà. Kò sọ ibi tí ẹrù ń lọ. Èkejì ni CN tí ẹ máa rí lára CN 22 tàbí CN 23. Orúkọ fọ́ọ̀mù lásán nìyẹn, kò kan Ṣáínà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé CN náà ni kóòdù Ṣáínà.

Ẹ má ṣe gé lẹ́tà kẹta dànù

Àṣìṣe tó burú jù nìyí, torí pé ẹ̀rọ kì í rí i. Ká ní fáìlì kan ní oníbàárà márùn-ún, kóòdù wọn sì jẹ́ AUS, AUT, CHN, CHE àti IRL. Ilé iṣẹ́ tó fẹ́ gbé ẹrù ní lẹ́tà méjì lòun ń fẹ́. Ẹni tó ń tọ́jú fáìlì ronú pé lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ ti tó, ó sì gé ìyókù. Ohun tó kù ni AU, AU, CH, CH àti IR. Ẹrù Ọ́sítríà ti di ti Ọsirélíà. Ti Ṣáínà ti di ti Siwisalandi, nítorí Siwisalandi ló ni CH. Ti Írẹ́lándì ti bọ́ sí Ìránì. Ohun tó tọ́ ni AU, AT, CN, CH àti IE.

Ká ní kóòdù tí gígé bí kò sí nínú ìwé ni, ẹ̀rọ ìbá kọ̀ ọ́. Bí ẹ bá gé POL tó jẹ́ ti Pólàńdì, PO ló máa kù, kò sì sí orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ PO. PL ni Pólàńdì. Èyí rọrùn láti mú. Àmọ́ AU, CH àti IR wà nínú ìwé, torí náà ẹ̀rọ á gbà wọ́n láìjanpata.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé kí ẹ ka oríṣi kóòdù tó wà nínú fáìlì kí ẹ tó yí i padà àti lẹ́yìn náà. Nínú àpẹẹrẹ wa, oríṣi márùn-ún ló wọlé, mẹ́ta péré ló jáde. Bí iye yẹn bá dín, ẹ dá iṣẹ́ dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ fi orúkọ ìlú tó wà nínú àdírẹ́sì wé kóòdù: Vienna tó wà ní Ọ́sítríà kò lè sí lábẹ́ AU.

Ọ̀nà tó dájú ni kí ẹ ṣe tábìlì kan sọ́tọ̀, tí òpó A rẹ̀ jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta, B lẹ́tà méjì, C nọ́ńbà. Inú àkọsílẹ̀ tí àjọ ISO gbé sí iso.org ni kí ẹ ti kọ ọ́, ẹ má gbára lé orí. Nínú Excel, bí ẹ bá pe ojú ìwé náà ní kodu:

```
=VLOOKUP(A2,kodu!$A:$C,2,FALSE)
```

Ẹ má yọ FALSE kúrò. Láìsí i, Excel lè mú kóòdù tó sún mọ́ èyí tí ẹ ń wá. Bó bá fún yín ní #N/A, kóòdù yẹn kò sí nínú tábìlì yín nìyẹn. Lọ́pọ̀ ìgbà, kóòdù ìdíje Òlíḿpíìkì ni ẹnì kan kọ: GER fún Jẹ́mánì àti SUI fún Siwisalandi, dípò DEU àti CHE.

Òdo iwájú tó sọnù

Bí ẹ bá kàn tẹ fáìlì CSV lẹ́ẹ̀mejì kó ṣí nínú Excel, á ka kóòdù náà sí iye, 036 á di 36, 040 á sì di 40. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń lọ́jú pọ̀, nítorí 36 ni nọ́ńbà tẹlifóònù ilẹ̀ Họ́ńgárì, 40 sì ni ti Ròmáníà. Ẹni tó bá bá wọn nínú fáìlì lè rò pé tẹlifóònù ni. Ẹ gba Data lọ sí From Text/CSV, kí ẹ sì sọ òpó náà di Text kí ẹ tó gbé e wọlé. Bí òdo bá ti sọnù, `=TEXT(A2,"000")` á dá a padà, àmọ́ ẹ kíyè sí i pé àpótí tó ṣófo á di 000, èyí tí kì í ṣe kóòdù ilẹ̀ kankan.

Àwọn tó ń lo Python ní ìṣòro mìíràn. NA ni kóòdù Nàmíbíà, ṣùgbọ́n pandas máa ń ka NA sí àyè tó ṣófo, gbogbo ẹrù Nàmíbíà á sì pàdánù orílẹ̀-èdè wọn. Ẹ kà á báyìí:

```python
df = pd.read_csv("eru.csv", dtype=str,
                 keep_default_na=False)
```

Fáìlì àtijọ́

Lẹ́tà ń tẹ̀ lé orúkọ, nọ́ńbà ń tẹ̀ lé ilẹ̀. Nígbà tí Sàírè yí orúkọ padà di Kóńgò Olóṣèlú ní 1997, ZR àti ZAR di CD àti COD, ṣùgbọ́n 180 kò yí padà. Ti Sùdáànì yàtọ̀. Gúúsù Sùdáànì kúrò lára rẹ̀ ní 2011. SD àti SDN dúró síbẹ̀, ṣùgbọ́n 736 di 729, torí ilẹ̀ tó kù kì í ṣe èyí tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá rí 736 nínú fáìlì, ẹ wo ọdún àkọsílẹ̀ náà kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Bó bá ti ṣáájú 2011, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà, nítorí ẹrù ìgbà yẹn lè ti lọ sí Juba, tó ti wà lábẹ́ Gúúsù Sùdáànì báyìí.