Lẹ́tà ìdúpẹ́ lẹ́yìn intafíù ní Amẹ́ríkà: ẹ má ra ti ẹlòmíì

Ẹ̀yin ọmọ Kàbà, Ìsánlú àti gbogbo ilẹ̀ Yàgbà tí ẹ ń wáṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, àti ẹ̀yin tí ìwé yín ti pé àmọ́ tí ẹ ṣì ń jókòó síwájú Zoom nílé, àwọn kan ń ta lẹ́tà ìdúpẹ́ fún yín. Ẹ má rà á mọ́. Mo wà lára àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Tẹ́ksáàsì, mo sì ti rí ibi tí lẹ́tà yẹn ń já sí. Ọmọ ilé wa kan dáhùn ìbéèrè dáadáa. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí ọ̀rọ̀ kan náà gbà: ó gbádùn ìjíròrò wa, ó sì mọ̀ pé òun máa wúlò. Orúkọ iléeṣẹ́ mìíràn ló wà nínú ìlà tó gbẹ̀yìn. Ọ̀gá mi tẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ìwé, ó tò wọ́n sórí tábìlì, kò sì sọ nǹkan kan. Iṣẹ́ náà sì jẹ́ iṣẹ́ kíka ẹrù àti fífi í wé ìwé! Ta ló máa gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò ka lẹ́tà ara rẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́?

Ìlànà rẹ̀ kò le. Ẹ béèrè ímeèlì wọn kí ẹ tó dìde. Bí wọn kò bá fún yín, ẹ bẹ ẹni tó pè yín wá kó bá yín fi jíṣẹ́. Ẹ kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, gbólóhùn mẹ́rin tàbí márùn-ún, kó dé kí ọjọ́ kan tó pé. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ wọn.

Ibi tí iṣẹ́ wà ni ohun kan pàtó tí ẹ jọ sọ. Kí ẹ tó jẹun, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni nílé, ẹ kọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn tẹnu mọ́ sílẹ̀, pàápàá ìṣòro tó sọ pé ó ń yọ àwọn lẹ́nu. Bó bá di ọjọ́ kejì, yóò ti dàrú mọ́ra wọn lójú yín.

Ẹ wo ti àbúrò mi obìnrin. Kàbà ló wà nígbà tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ó ti ṣiṣẹ́ nílé ìkó-kajú-sí rí. Olórí ilé ìkẹ́rùsí náà sọ fún un pé ẹrù tó ń wọlé lóru kì í bá ìwé mu. Ohun tó kọ sí i nìyí, bí mo bá sọ ọ́ ní Yorùbá: “Ẹ ṣeun fún àkókò yín lónìí. Ọ̀rọ̀ ẹrù òru tí ẹ sọ kò kúrò lọ́kàn mi. Níbi tí mo ti ń gba kajú, a kì í jẹ́ kí awakọ̀ lọ kí a tó jọ ka àpò tán, kí àwa méjèèjì sì fọwọ́ síwèé. Inú mi yóò dùn láti bá yín gbìyànjú rẹ̀.” Ó parí síbẹ̀. Ìyá tó bi í léèrè nípa kọ̀ǹpútà níbi intafíù náà, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ló kọ sí i. Wọ́n máa ń fi lẹ́tà wọ̀nyí han ara wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n sọ lẹ lè kọ. Bí ẹnì kan bá ṣi ẹnu sọ fún yín pé àwọn òṣìṣẹ́ ń sá lọ nítorí ọ̀gá, ẹ gbé e mì. Lẹ́tà yín lè dé iwájú ọ̀gá náà. Ẹ má fi owó oṣù sí i, ẹ má sọ pé ẹbí ń wojú yín, ẹ má kún un fún àdúrà. Ẹ̀bùn ńkọ́? Ẹ má dán an wò láé! Nílé a lè gbé iṣu lọ dúpẹ́. Níbí, wọ́n lè kà á sí àbẹ̀tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ ṣọ́ aago. Agogo mẹ́ta ọ̀sán ní Tẹ́ksáàsì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn jẹ́ mẹ́sàn-án alẹ́ ní Kàbà. Nígbà òtútù wọn, ó di mẹ́wàá. Ẹ kọ ọ́ lálẹ́ kí iná tó lọ, kí ẹ fi “Schedule send” inú Gmail sí àárọ̀ wọn. Bó bá jẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni, ẹ má dúró de ọjọ́ Ajé.

Lẹ́tà yìí kì í tún intafíù tó bàjẹ́ ṣe. Níbi iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ti ń fi máàkì sí ìdáhùn, ó lè má yí nǹkan kan padà. Ọ̀pọ̀ kì í sì í fèsì. Èmi náà kì í sábà fèsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo kà á. Ẹ má tún òmíràn kọ láti béèrè bóyá ó dé.